Méjìlá Tó Di Méjì

Ẹni tó bá wọ Iléṣà láti ọ̀nà Òṣogbo láyé ìgbà náà, tó sì béèrè Injiníà Akínkúnmi, kò ní rìn jìnnà kí wọ́n tó nawọ́ sílé rẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀bù ni iwájú ilé náà, pálọ̀ ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, òkú tẹlifíṣọ̀n sì tò sẹ́bàá ògiri bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de àjíǹde. Kò ka ìwé injiníà ní yunifásítì kankan. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ló ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Àyànṣọlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé tẹlifíṣọ̀n tó ti dákẹ́ lọ, tó sì gbé e padà tó ń sọ̀rọ̀, kí ló tún kù tí kò ní pè é ní injiníà?

Ohun méjì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kì í yọ nǹkan ara ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Bí ó bá ní nǹkan báyìí ló jó, òun náà ló jó, yóò sì fi èyí tó jó hàn ọ́. Èkejì, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì paraku ni. Kò ní tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kan kó má kọ́kọ́ di ojú rẹ̀ pé, “Baba, ìwọ tó dá ojú, ràn mí lọ́wọ́ kí n rí i.” Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ni pé nígbà mìíràn tó bá kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń yí rédíò kiri, tí kò rí ilé-iṣẹ́ kan mú, àfi ariwo ṣáá. Á ṣe àmín, á dìde, á mú sukudiráfà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Olúwanífẹ́mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ìbéèrè nínú Ìwé Mímọ́, kò tíì parí lẹ́nu rẹ tí ìdáhùn yóò fi dé. Lọ́dún kan, láàárín àwọn ọdún tí iná mànàmáná Iléṣà ń ṣe bó ṣe wù ú yẹn, àwọn ìjọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ìdíje ìbéèrè kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọn yóò ya á sórí fídíò ní Òṣogbo, tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbé e jáde lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Nífẹ́mi ni wọ́n mú ní Iléṣà. Ọmọkùnrin kan láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni yóò bá a figa gbága.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan gílóòbù tí wọ́n sì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná lẹ́ẹ̀kan náà, iná àdúgbò wọn máa ń rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi pọ́n bí ojú ológbò. Bí iná bá sì ti rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán máa ń sún kì lójú tẹlifíṣọ̀n. Dúdú á yọ lápá ọ̀tún, á yọ lápá òsì, á yọ lókè àti nísàlẹ̀. Sitabiláísà tí ìbá gbé iná náà sókè ti jó lọ́dún tó kọjá, Injiníà kò sì tíì rójú tún tirẹ̀ ṣe.

Sikirat, aláṣọ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, kò jẹ́ kó sinmi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá wá wòran ló ń dá a lápárá.

“Injiníà, kí ló ṣe àwòrán yín tó rù báyìí? Ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni?”

“Iná ni, Ìyá Alájé. Iná ò dára.”

“Àwa tá a jẹ́ mùsùlùmí, tí ilẹ̀ bá ti ṣú a máa ń ṣínu. Tiyín ò tíì ṣínu láti ìjẹta. Ẹ foúnjẹ fún un o, kó má kú mọ́ yín lọ́wọ́, kí wọ́n má ní injiníà ló pa á!”

Gbogbo pálọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Injiníà náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tán, ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní kí Àpìkẹ́ jókòó síwájú kó máa wò ó fún òun. Ó fa kọ́kọ́rọ́ oníke tí wọ́n fi ń yí inú kọ́ìlì yọ, èyí tí wọ́n fi ń mú kí àwòrán fẹ̀ tàbí kó sún kì. Ó yí i díẹ̀.

“Ó ń fẹ̀,” ni Àpìkẹ́ ń wí. “Ó ku díẹ̀ lápá òsì. Ó ku bí okùn. Ó ti kún! Ó kún o!”

Ó yí èyí tó ń mú gíga wá náà, títí tí dúdú òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi wọlé lọ. Ó dé e padà. Nígbà tí Sikirat dé, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo Injiníà, ó ní, “Há! Ó ti jẹun!” Ọkàn Injiníà sì balẹ̀.

Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é. Àyànṣọlá ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní Òkè-Fìà, ó ti fi ìka gbá a lórí nítorí rẹ̀ rí: “Ìwọ, má fi iná tó ń kú lọ wọn àwòrán. Iná tó dára ni kó o fi wọ̀n ọ́n.” Ìdí kò ṣòro. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ń fi díẹ̀ nínú etí àwòrán pamọ́ sẹ́yìn férémù. Bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn: wọ́n jẹ́ kí àwòrán tóbi ju gíláàsì lọ níwọ̀nba, kí dúdú má baà tètè yọ síta. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán náà mọ̀, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí o bá fi iná tó rẹlẹ̀ fẹ àwòrán títí tó fi kún gíláàsì, lọ́jọ́ tí iná bá dé pẹ̀lú agbára, yóò tún fẹ̀ sí i, ohun tó sì wà ní etí yóò rì sẹ́yìn férémù. Ẹni tó ń wòran kò sì ní mọ̀. Ojú ènìyàn ṣì wà láàárín, ẹ̀rín wọn ṣì wà níbẹ̀. Ta ló ń wo etí?

Injiníà mọ gbogbo èyí bí ó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Àpárá Sikirat ló fẹ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni Nífẹ́mi lọ sí Òṣogbo pẹ̀lú Tísà Julianah, olùkọ́ wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tísà já a sílẹ̀ ní Iléṣà, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ń rọbí ní Àkúrẹ́. Ó kàn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń ju ọwọ́ títí ọkọ̀ fi forí lé ọ̀nà Ìwàràjà.

Nífẹ́mi wọlé. Ó kúnlẹ̀. “Dádì, mo gbapò kìíní. Méjìlá ni mo ní, òun ní mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ẹ̀bùn ń bọ̀ tí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́ tán.”

Injiníà gbé ọmọ náà sókè bí ọmọ ọwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti fi òun ṣe orí, kò fi òun ṣe ìrù. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó ní pálọ̀ òun lọ́sàn-án.

Wọ́n wá. Bàbá Ìjọ Adéjọbí jókòó lórí àga ńlá, àwọn ọmọ ìjọ jókòó sórí ẹní, Sikirat náà wá, ó ní ọmọ àdúgbò lọmọ òun. Ṣùgbọ́n iná kò sí láti òwúrọ̀. Àkókò ètò náà dé, kò sí iná; jẹnẹrétọ̀ Bàbá Adéjọbí sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà kí iná dé, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn, nígbà tí fáànù ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí fùùù. Iná yẹn pọ̀, gílóòbù funfun báláú. Wọ́n pariwo “Halelúyà!” Injiníà sáré tan tẹlifíṣọ̀n.

Àwòrán yọ, ó tóbi, ó mọ́. Nífẹ́mi nìyẹn lójú gíláàsì, ó wọ aṣọ funfun. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni wọ́n bá. Ọmọkùnrin Òkè-Baálẹ̀ ló dáhùn rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ máàkì jáde sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ọ̀kan lórí èkejì, òǹkà ṣáájú, orúkọ ibi tí ọmọ ti wá tẹ̀ lé e.

Méjì, Iléṣà. Mẹ́sàn-án, Òkè-Baálẹ̀.

Kí ẹni tó ń béèrè ìbéèrè tó la ẹnu, iná lọ.

Fáànù ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Bàbá Adéjọbí wú ikọ́.

“Injiníà, ṣé méjì ni ojú mi rí àbí ojú àgbà ló ń ṣe mí?”

Nífẹ́mi ń wo gíláàsì tó ti ṣókùnkùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

“Nífẹ́mi,” ni bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. “Mélòó lo ní?”

“Méjìlá, sà.”

“Mo ní mélòó lo ní!”

“Méjìlá ni, Dádì. Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ ọ́. N kò mọ ìdí tí…”

“Ṣé gbogbo wa la fọ́jú? Ṣé Bàbá Ìjọ fọ́jú?”

Sikirat ní, “Injiníà, ẹ rọra, ọmọdé ni.” Ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i, nítorí àánú ló wà nínú rẹ̀. Injiníà fa ọmọ náà kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, lójú gbogbo wọn. Kò nà án. Ìbá sàn kó nà án. Ó ní, “Ìwọ mú mi purọ́ níwájú pẹpẹ.”

Lálẹ́, ó gbàdúrà. Ó bi Ọlọ́run pé kí ló dé, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ òun purọ́? Nǹkan kan sì dúró ṣinṣin nínú ọkàn rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó purọ́. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá òun lóhùn.

Ní ìsìn ọjọ́rú, ó dìde, ó fa ọ̀rọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ sẹ́yìn níwájú ìjọ. Lẹ́yìn náà ó pe Nífẹ́mi jáde kó wá jẹ́wọ́. Ọmọ náà jáde, ó dúró, ó ń fi ìka fa etí gèlè rẹ̀. Bàbá Adéjọbí ní, “Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni yóò rí àánú gbà.”

Nífẹ́mi ní, “Bàbá, tí mo bá ní mo purọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́.”

Ìjọ ké hàà. Injiníà kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó ti ọmọ náà lọ jókòó. Wọ́n ní kó má ka ẹsẹ àkọ́sórí tó máa ń kà fún àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ná, kí ọkàn rẹ̀ yí padà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ lórúkọ. “Méjì! Méjì ń bọ̀ o!” ni wọ́n ń pè é lójú títì. Nílé, tí bàbá rẹ̀ bá bi í ní ọ̀rọ̀, á dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, sà” tàbí “rárá, sà.” Dádì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àpìkẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: “Bàbá Nífẹ́mi, ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi láti kékeré, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.”

“Ojú ló rí i, Àpìkẹ́.”

“Ojú wa náà ló rí i pé ẹnu rẹ̀ ò yẹ̀.”

Tísà Julianah nìkan ló lè là á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ̀bùn náà kò sì tíì dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Béjidé, ọkùnrin awakọ̀ kan láti Ìwàràjà, gbé ẹ̀rọ fídíò rẹ̀ wá. Ó ní kò mú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan mọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí Injiníà fi ń dán nǹkan wò ní ṣọ́ọ̀bù wà lórí tábìlì, ó ti tú palẹ̀, nítorí náà ó ní kí wọ́n gbé fídíò náà wọ pálọ̀. Iná pọ̀ lọ́jọ́ náà. Fáànù ń yí fùùù.

Injiníà so wáyà, ó mú rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, mẹ́nù fídíò sì yọ sójú gíláàsì, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè mú ni wọ́n tò sísàlẹ̀ ara wọn, òǹkà wọn níwájú; ojú ìwé kejì ni, méje ló fi bẹ̀rẹ̀. Béjidé tẹ orí síwájú.

“Injiníà, ẹ wá wo nǹkan. Irú òǹkà wo lèyí? Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, òdo, ọ̀kan, méjì. Àbí fídíò mi ti ń ṣiwèrè?”

Injiníà wò ó. Ó tún wò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè mẹ́nù náà kò ní orí, lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn kò sí. Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì, ó fi ìka tọ òǹkà náà láti òkè wá. Méje pé. Mẹ́jọ pé. Mẹ́sàn-án pé. Ìka rẹ̀ dé ibi tí mẹ́wàá yẹ kó wà, òdo rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tó ṣáájú rẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn férémù lọ. Mọ́kànlá di ọ̀kan. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Méjìlá di méjì.

Mẹ́sàn-án kò ní ohun tó ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi pàdánù nǹkan.

“Injiníà? Ṣé ó ti kú ni?”

Ó rọrùn láti ní ó ti kú. Injiníà gbé ọwọ́ kúrò lára gíláàsì. “Fídíò yín kò ṣe nǹkan kan, Bọ̀dá Béjidé. Ó kàn ti gbàgbé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń mú ni, màá tún wọn wá. Tẹlifíṣọ̀n tèmi ló ń gé etí.”

“Tẹlifíṣọ̀n injiníà!” Béjidé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Nígbà tí Béjidé lọ tán, Injiníà jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ níwájú mẹ́nù náà. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ tútù. Ọwọ́ òun ni. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn oníná, kì í ṣe ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ oníke gé ọ̀kan orí òǹkà ọmọ òun, nítorí kí obìnrin aláṣọ má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun mìíràn sì wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ohùn tó dúró ṣinṣin nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí òun dúpẹ́ nítorí rẹ̀, ohùn ta ni? Bí kì í bá ṣe ti Ọlọ́run, ìgbà mélòó ni òun ti pe ìbínú ara òun ní Ọlọ́run? Ó fẹ́ gbàdúrà. Ó bẹ̀rù ohun tí yóò dáhùn.

Ó lè tún un ṣe wẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tísà á dé lọ́jọ́ kan, á sọ òótọ́, wọn á ní iná ló fà á. Kọ́kọ́rọ́ oníke ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà sínú àpótí, ó wọ bàtà, ó gba ilé Bàbá Adéjọbí lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yá jẹnẹrétọ̀ Bàbá lọ́jọ́ Ìsinmi, kí iná tó dára wà, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí lè tún wá rí i.

Bàbá Adéjọbí gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Jẹnẹrétọ̀ mi lo fẹ́ fi tú ara rẹ fó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Tí o bá sì tú ara rẹ fó tán, kò tíì fi hàn pé méjìlá lọmọ náà ní. Méjì gan-an lè wà níbẹ̀. Méjì tòótọ́ àti méjì tí wọ́n gé lórí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú gíláàsì yẹn. Èé ṣe tí o kò fi ní sùúrù kí Tísà dé?”

Injiníà ti rò ó lójú ọ̀nà. “Ẹ̀rí mi kò sí níbẹ̀, sà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì tí mo fi dá ọmọ mi lẹ́jọ́, òun ló ń purọ́. Ọmọ ló sọ̀rọ̀, gíláàsì ló sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti jábọ́. Tí mo bá tún dúró de Tísà, Tísà ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe ọmọ mi.”

“Wá gbé e,” ni Bàbá wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde síwájú ìjọ nígbà kẹta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi àwọn akọrin. Ó ní òun ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ òun, kí wọ́n wá wò ó. Pálọ̀ kún lọ́sàn-án ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta. Béjidé ti yá a ní fídíò náà. Injiníà gbé mẹ́nù sójú gíláàsì, ó ní kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á sókè: “Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, òdo…” Ohùn wọn já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó fi mítà wọn iná, ó rí i pé ó tó. Ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé dígí kan dúró sórí àga níwájú kí òun lè máa rí àwòrán láti ẹ̀yìn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ oníke yí kọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde láti ẹ̀yìn férémù bí ọmọ tó sá pamọ́. Ọ̀kan yọ níwájú òdo. Ọ̀kan yọ níwájú ọ̀kan.

“Ọ̀kan yọ níwájú méjì!” Sikirat ló pariwo. “Méjìlá! Ẹ wò ó, méjìlá!”

Injiníà yí i títí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ fi yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tún dá a padà tín-ín-rín kí dúdú náà lè wọlé. Ó ṣe ti gíga bẹ́ẹ̀. Gbogbo mẹ́nù náà wà lójú gíláàsì láti òkè délẹ̀, àlàfo díẹ̀ sì wà yí i ká.

Ó jáde síwájú, òógùn bò ó. “Ẹ̀yin Bàbá, ẹ̀yin Ìyá, èmi ni mo fẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí iná rẹlẹ̀. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi. Mo mọ̀, mo ṣe é.”

“Nítorí àpárá mi ni?” Sikirat fọwọ́ bo ẹnu.

“Àpárá yín kò lọ́wọ́, Ìyá Alájé. Ọwọ́ mi ni.” Ó yíjú sí Nífẹ́mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bàbá kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú àwùjọ. Àwọn àgbà ti ń wo ilẹ̀ bá a. “Má bínú, ọmọ mi. O kò purọ́. Méjìlá lo ní.”

Nífẹ́mi kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà.”

Bàbá Adéjọbí ní kó máa ka ẹsẹ àkọ́sórí fún àwọn ọmọdé padà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Lẹ́yìn náà ni Tísà Julianah dé láti Àkúrẹ́ tòun tìròyìn ọmọ tuntun, ó sì ya gbogbo ìjọ lẹ́nu bí ó ti ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń bi òun léèrè ọ̀rọ̀ máàkì, ṣé Nífẹ́mi kò sọ fún wọn ni? Méjìlá sí mẹ́sàn-án ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, iná àdúgbò ti dé. Injiníà ń ká wáyà fídíò Béjidé. Nífẹ́mi wọlé wá kó àwọn ife tí àwọn àlejò fi mu omi. Ó kó wọn sórí àwo tán, kò lọ.

“Dádì.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ náà. Injiníà tètè gbójú sókè.

“Tí Bọ̀dá Béjidé ò bá gbé fídíò wá ńkọ́? Tí Tísà náà ò sì tètè dé. Ṣé ẹ ò bá gbà mí gbọ́?”

Injiníà la ẹnu. Ó ní ìdáhùn kan tó dára, ìdáhùn tí bàbá tó bẹ̀rù Ọlọ́run máa ń ní, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà, kò lè sọ ọ́. Ọmọ náà dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó gbé àwo, ó rọra jáde, àwọn ife ń lu ara wọn.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ní gbogbo ilé, wọ́n ń tan gílóòbù. Iná pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwòrán sì ń sún kì lójú gíláàsì, dúdú yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, ó yọ lókè àti nísàlẹ̀. Sikirat kọjá lójú fèrèsé, ó yọjú wò ó, kò dá àpárá kankan, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Injiníà kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó ń wò ó bí ó ṣe rù náà.